Kí A Tó Pe Orúkọ Wọn: Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ fún Àwọn Ẹbí Olóore Wa, ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ àti ẹbí àwọn olóògbé, ẹ káàbọ̀ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú ewu ọ̀nà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà Ṣágámù wọ Ìkòròdú. Mo mọ ohun tí ojú yín rí. Ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń retí ọjọ́ tí wọn yóò lè kí ara wọn bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí pé òkú wọn kò tíì wọlẹ̀.

Wọ́n ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní orúkọ ẹ̀ka anátọ́mì wa, níbi tí a ti ń fi òkú àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, kí n má sì pẹ́. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ ohun tó fi ọrẹ ṣe, báwo ló ṣe fẹ́ dúpẹ́? Ẹ gbé ìyá yín fún wa, ẹ gbé bàbá yín fún wa. Ẹ yẹ lẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tí a ṣe lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn tì. Màá sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wúwo fún ẹnikẹ́ni, ìjókòó wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, omi tútù wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wò yín lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó ń dùn yín jù. Arábìnrin kan sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí pé àbúrò bàbá òun kò bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí a ti wá gbé òkú. Ó ní wọ́n ta ẹ̀gbọ́n òun. Ẹlòmíràn ní àwọn aládùúgbò ń bi òun pé, "Ẹ̀yin tí a kò rí pósí yín, tí a kò rí sàárè yín, ta lẹ gbé e fún? Ṣé kì í ṣe àwọn olóògùn owó?" Ẹ gba ìwé kan lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí ẹ tó lọ, ẹ fi han irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kò ti ọwọ́ wa bọ́ sí ọwọ́ yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti jèrè lórí ẹ̀yà ara èèyàn. Òfin yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ikú lè kọ ọ́ sínú ìwé, kí ó fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí méjì, ó kéré tán, sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú rẹ̀. Bí ó bá yí ọkàn padà kó tó kú, ìwé náà ti di pépà lásán nìyẹn. Àwọn tí a wá bu ọlá fún lónìí kò yí ọkàn padà. Ìwé wọn wà lọ́wọ́ wa, ẹ lè wá wo ìkọ̀wé wọn. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ tẹ̀ka ni, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa sí àríyànjiyàn.

Kí ló mú kí èyí jọ mí lójú tó báyìí? Nítorí pé èmi kò kọ́ iṣẹ́ yìí lára ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, òkú tó wà lórí tábìlì wa jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ihò kan wà ní àyà rẹ̀, kò ju orí ìka lọ. Nígbà tí a ṣí àyà náà, a rí ibi tí ọta gbà. Mo bi olùkọ́ wa pé ta ni, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Mo bá iṣẹ́ mi lọ. Àwọn onímọ̀ anátọ́mì ilẹ̀ yìí fúnra wọn ti ṣe ìwádìí, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọ̀pọ̀ òkú tí a fi ń kọ́ dókítà ní Nàìjíríà jẹ́ ti irú ọmọkùnrin yẹn: àwọn tí wọ́n yìnbọn fún, àti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà ní mọ́ṣúárì. Ní ọdún 2021, ìròyìn kan jáde nípa akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan tó wọ yàrá ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣí òkú, tó sì rí i pé ọ̀rẹ́ òun ni. Àwọn ẹbí ọ̀rẹ́ náà ti ń wá a kiri àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹnikẹ́ni "kò wá gbà á" nítorí pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà.

Ìgbà tí mo bá wọ yàrá wa báyìí, tí mo mọ̀ pé ẹni tó wà níwájú mi jókòó, ó ronú, ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ síwèé, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n bó ti máa ń gbọ̀n nígbà yẹn.

Ó yá, ohun tí a ṣe.

Nígbà tí ẹ bá pè wá, à ń sáré ni. Ooru ilẹ̀ wa kò ní sùúrù, iná mànàmáná náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà a kò lè fi òkú sínú fíríjì kí a sì sùn. Àmì àkọ́kọ́ pé ara ti ń bàjẹ́ ni àwọ̀ ewé kan tó máa ń yọ nísàlẹ̀ ikùn, ní apá ọ̀tún. Bí a bá ti rí i, a mọ̀ pé a ti ń pẹ́. Bí òkú bá ti dé, a ó so nọ́ńbà mọ́ ọrùn ọwọ́, a ó so irú rẹ̀ kan náà mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá. Méjì ni nítorí pé ọ̀kan lè já. Orúkọ wà nínú ìwé mìíràn, inú àpótí mi ni ìwé yẹn máa ń wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí i.

Lẹ́yìn náà, a ó la ojú kékeré kan sí itan tàbí ọrùn, níbi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan ti súnmọ́ òde. A ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, a ó sì jẹ́ kí oògùn máa ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀. Fún àgbàlagbà, ó lè tó lítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Fọ́málìn ni olórí oògùn náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n; kò sí ẹni tó ti gbé òkú rí nílẹ̀ yìí tí kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Tiwa yàtọ̀ sí ti mọ́ṣúárì ní ti pé ó pọ̀ jù, ó sì gbọ́dọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ ìsìnkú lọ. A máa ń fi ọtí líle là á, a ó fi gílísírínì sí i kí ara má bàa gbẹ hán-ún, a ó sì fi oògùn tí kò ní jẹ́ kí èbu hù.

Ẹ wo ẹyin. Bí ẹ bá ti sè é, funfun rẹ̀ tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ dì nìyẹn, kò tún ní ṣàn mọ́. Fọ́málìn ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹran ara láìsí iná. Ó ń so àwọn èròjà inú ara mọ́ra wọn típẹ́típẹ́, àwọn kòkòrò tó ń mú kí nǹkan rà kò sì ní rí ọ̀nà jẹ ẹ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tí ẹ mọ̀ sí rírọ̀ fi máa ń le, tí ojú sì máa ń dúdú sí i. Nítorí èyí, a ti dé àwọn pósí tó wà níwájú yín. Kì í ṣe pé a ń fi nǹkan pa mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wá bá mi lẹ́yìn ìjókòó yìí, a ó jọ wọlé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi mí, màá ní kí ẹ fi ojú tí ẹ fi rí wọn kẹ́yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta kí a tó gbé wọn wá sórí tábìlì. Láàárín ìgbà yẹn a ń tẹ ara wọn wò. Ibi tí oògùn dé máa ń le bíi rọ́bà. Ibi tí kò dé, nítorí pé ọ̀rá tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ti dí iṣan, á rọ̀. Ìka ẹsẹ̀ àwọn àgbà tó ní àtọ̀gbẹ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù. A ó wá fi abẹ́rẹ́ gún oògùn síbẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹbí kan wà láàárín yín tí a kò gba òkú bàbá wọn. Mo ní kí wọ́n wá lónìí, wọ́n sì wá, ẹ ṣeun. Bàbá ti fọwọ́ síwèé, ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ikú òjijì ni, ilé ìwòsàn sì ní láti la òkú láti mọ ohun tó pa wọ́n. Bí wọ́n bá ti la òkú bẹ́ẹ̀, wọ́n ti gé àwọn iṣan ńlá. Oògùn tí a bá fà sí i yóò máa jò bí omi ṣe ń jò lára rọ́bà tó ti ya, kò ní dé ibi kankan. A kì í gba ẹni tó ní jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ náà, nítorí ààbò àwọn ọmọ wa. Ọmọ bàbá náà bi mí lórí fóònù pé, "Ṣé bàbá wa kò dára tó ni?" Mi ò rí èsì tó dáa fún un lọ́jọ́ náà. Èsì mi lónìí ni pé àga yín wà níwájú pẹ̀lú àga àwọn yòókù.

Màá sọ̀rọ̀ nípa tábìlì kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ màmá yìí ti fún mi láyè. Aránṣọ ni wọ́n, ní Ìgbógbó, ọmọ ọdún 71 ni wọ́n nígbà tí wọ́n papò dà. Tábìlì kẹrin ni wọ́n wà, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ló sì wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan gògóńgò ọrùn yín, kí ẹ sọ pé "ẹ ṣeun." Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n? Fọ́nrán méjì tó tín-ín-rín, tí kò nípọn ju òwú híhun lọ, ló ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ wá síbẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Màá máa pè é ní fọ́nrán ohùn. Ọ̀nà tí fọ́nrán yìí ń gbà máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ó ti orí sọ̀ kalẹ̀ wá sí ọrùn, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ gògóńgò tó fẹ́ lọ gan-an, kò yà. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan, ó kọ́ ọ bí ìkọ́, ó wá tún gòkè padà wá sí gògóńgò. Bí ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Ágíríkì, tó ń lọ sí Sábó, tó wá kọjá Sábó títí dé Ṣágámù kó tó rántí sọ̀.

Ohun tó fà á ni pé nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú oyún, nígbà tí kò tíì gùn tó ìka, ìtòsí ọrùn ni ọkàn wà. Fọ́nrán náà gba abẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ tààrà, ọ̀nà rẹ̀ kúkúrú. Nígbà tó yá, ọkàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àyà, ó fa iṣan ẹ̀jẹ̀ dání, iṣan ẹ̀jẹ̀ náà sì fa fọ́nrán. Lápá ọ̀tún, iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún ni fọ́nrán ń kọ́. Lápá òsì, ìyá iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an, èyí tó ti inú ọkàn jáde, ló ń kọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá fọ́nrán yìí lápá òsì ọrùn màmá, wọ́n rí i láàárín ọ̀nà èémí àti ọ̀nà oúnjẹ, níbi tí ìwé wọn sọ. Wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, wọn kò rí i. Wọ́n wá a fún odindi ọ̀sán. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọbìnrin kan, wá bá mi, omi ti lé sí i lójú, ó ní, "Sà, a ti gé e." Mo bínú, kí n má parọ́. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo lọ wò ó.

Wọn kò gé nǹkan kan. Fọ́nrán náà kò sí níbẹ̀ rí ni. Nígbà tí mo fara balẹ̀ tọ òbí rẹ̀, ìyẹn fọ́nrán ńlá tó ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, mo rí ẹ̀ka kan tó yà ní ìbú, tó lọ tààrà sí gògóńgò láìsọ̀ kalẹ̀ rárá. Mo ní kí wọ́n fi ọrùn sílẹ̀, kí wọ́n lọ wo àyà. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti yé wa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ apá ọ̀tún màmá kò jáde níbi tí ti gbogbo wa ti ń jáde. Ìkẹyìn pátápátá ló jáde lára ìyá iṣan ẹ̀jẹ̀, lápá òsì, ó wá gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ sọdá sí ọ̀tún. Nínú oyún, ẹ̀ka tó yẹ kí fọ́nrán kọ́ ti pòórá, nítorí náà kò sí ohun tí yóò fà á lọ sísàlẹ̀ nígbà tí ọkàn ń lọ. Ó dúró síbi tó wà.

Kò tó ẹnì kan nínú 100 tó ń rí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀ẹ̀kejì tí mo máa fojú rí i nìyẹn.

Ẹ lè ní kí ló wá kan ará Ìgbógbó. Gẹ̀gẹ̀ ló kàn án. Bí dókítà bá ń ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀, ìpayà rẹ̀ ni fọ́nrán ohùn, nítorí pé ẹ̀yìn ibi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ gan-an ló ń gbà. Ó máa ń kọ́kọ́ wá a, kó tó gé ohunkóhun. Bí kò bá rí i nísàlẹ̀, ó lè rò pé ibẹ̀ dára láti gé. Fọ́nrán tó wá ní ìbú bíi ti màmá jọ iṣan ẹ̀jẹ̀ kékeré. Dókítà tí kò rí irú rẹ̀ rí lè fi òwú dì í, kó sì gé e. Ohùn aláìsàn á há láti ọjọ́ náà. Bí ti apá kejì bá tún fara pa, mímí gan-an á di ìṣòro. Bí wọ́n bá ya àwòrán àyà pẹ̀lú ẹ̀rọ síkáànù ṣáájú, iṣan tó gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ yẹn á hàn, dókítà á sì mọ̀ pé kó má wá fọ́nrán nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó síkáànù fún gẹ̀gẹ̀ lásán? Ọ̀pọ̀ ìgbà, ojú dókítà nìkan ni ààbò aláìsàn, ojú yẹn sì gbọ́dọ̀ ti rí i níbì kan. Àwọn mẹ́jọ ti rí i lára màmá. A pe gbogbo kíláàsì wá wò ó, lẹ́yìn ìyẹn a pe àwọn tó ti di dókítà, wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń to epo.

Mo pe àkọ́bí wọn lórí fóònù, mo bi í bóyá ọ̀nà ọ̀fun màmá ń há nígbà ayé wọn, nítorí pé iṣan tó bá gba ẹ̀yìn ọ̀nà oúnjẹ lè máa tẹ̀ ẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Màmá kì í jẹ iyán láìmu omi sí i lókèlè lókèlè. À ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ ni." Mi ò lè sọ fún yín pé iṣan yẹn ló fà á. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní i kì í mọ nǹkan kan títí wọn yóò fi kú, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà tí kò ní i ló ń fi omi lé iyán. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ fún àwọn mẹ́jọ náà, wọ́n sì rántí pé ẹni tó wà níwájú wọn máa ń jẹ iyán.

Ohun kan ló kù. Àwọn kan bi mí bóyá gbogbo wọn ló padà. Bẹ́ẹ̀ ni. Lábẹ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan ni garawa kan wà tó ní ìdérí, nọ́ńbà tábìlì wà lára rẹ̀. Ohun tí a bá yọ, ìbáà ṣe awọ, ìbáà ṣe ọ̀rá tí kò tó ẹyọ àgbàdo, inú rẹ̀ ló ń lọ, a kì í da ti tábìlì kan pọ̀ mọ́ ti òmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a kó gbogbo rẹ̀ sínú pósí pẹ̀lú ẹni tó ni ín, a yẹ nọ́ńbà ọrùn ọwọ́ àti ti ọrùn ẹsẹ̀ wò pẹ̀lú ìwé ńlá, ẹni mẹ́ta ló sì fọwọ́ sí i. Àwọn Mùsùlùmí, àfáà wà níbí, a ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ gbé òkú wọn lọ sílé, sí Ìmọ̀tà tàbí Ìjẹ̀dẹ́ tàbí ibi yòówù, ọkọ̀ ti wà. Àwọn tó fẹ́ kí a sin wọ́n níbí, a ti gbẹ́ ilẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dúró lẹ́yìn yín yìí, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n mọ̀. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi wà pẹ̀lú bàbá yín, pẹ̀lú ìyá yín, wọn kò mọ orúkọ wọn. Mo ti gbé ìwé kejì jáde nínú àpótí, ṣùgbọ́n mi ò ní kà á. Ẹ̀yin lẹ sọ wọ́n lórúkọ, tàbí ẹ̀yin ni wọ́n bí. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè é fún wọn.

Tábìlì kìíní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde.